Iṣẹ́ tó lọ lọ́jọ́ Ẹtì, owó tó dé ní Oṣù Kẹsàn-án

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe nílé mi ní Ìbàdàn, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, nígbà mìíràn láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò ní ọ̀gá, mi ò sì ní ọmọọṣẹ́. Èmi ni mo ń túmọ̀, èmi ni mo ń kọ ínfọ́ìsì, èmi náà ni mo ń pe ẹni tí kò tíì sanwó. Oníbàárà mi kì í dín ní mẹ́rin nígbà tí iṣẹ́ bá wà: iléeṣẹ́ alárinà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbé ìwé ìlera fún mi, iléeṣẹ́ ńlá kan ní Èkó tó ń polówó ọjà lórí rédíò, ẹnìkan ní Nìú Yọ́ọ̀kì tó ń ṣe fíìmù, àti bàbá kan níhìn-ín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó ń kọ ìwé nípa ìlú rẹ̀.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú ṣíìtì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń ṣí fáìlì lọ́tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáìlì mẹ́rin kò lè sọ fún ọ pé ọjọ́ Ẹtì kan náà ni mẹ́ta nínú wọn ń retí iṣẹ́. Orí kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ojú kan náà ló sì yẹ kí ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ṣíìtì tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ní òpó ọjọ́ kan péré: ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Òpó yẹn ń tọ́jú oníbàárà. Kò tọ́jú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tèmi ní ọjọ́ márùn-ún. Èyí àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí oníbàárà dá. Èkejì ni ọjọ́ tí èmi dá fún ara mi, tó ṣáájú ti oníbàárà. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi, ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ tó wà lórí ínfọ́ìsì, ìkarùn-ún sì ni ọjọ́ tí owó yẹ kí ó wọlé. Láàárín ẹ̀kẹta àti ìkarùn-ún ni owó ti ń sọnù, àwọn tó pàdánù rẹ̀ kì í sì í mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó jí i.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan. Iléeṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé pélébé kan wá fún àwọn aláìsàn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 6,200, owó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan £0.06, àpapọ̀ £372. Wọ́n fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Keje 2026. Nínú àdéhùn wọn, wọ́n kọ ọ́ pé ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìparí oṣù tí ínfọ́ìsì wọlé ni wọn yóò sanwó. Gbólóhùn yẹn, "ìparí oṣù", ni ká tẹjú mọ́.

Bí mo bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, tí mo sì fi ínfọ́ìsì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, Oṣù Keje ni ínfọ́ìsì mi wà. Wọ́n á ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti 31 Oṣù Keje, ó di 30 Oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ìsinmi báńkì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo lè má rí owó títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí mo ní kí n sinmi, kí n kọ ínfọ́ìsì ní ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹjọ, ìparí Oṣù Kẹjọ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgbọ̀n ọjọ́. Owó di ti 30 Oṣù Kẹsàn-án. Ìsinmi ọjọ́ méjì gbé oṣù kan lọ.

Ti iléeṣẹ́ Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lórí ínfọ́ìsì ni tiwọn. Bí mo bá kọ tiwọn ní 31 Oṣù Keje, 30 Oṣù Kẹjọ ni. Bí mo bá kọ ọ́ ní 3 Oṣù Kẹjọ, 2 Oṣù Kẹsàn-án ni. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi jáfara, ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo pàdánù. Ẹnu àwọn oníbàárà méjèèjì ni èèyàn á ti gbọ́ "ọgbọ̀n ọjọ́", ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọjọ́ ọ̀kan lè di ọgọ́ta. Bí ìparí oṣù bá ń bọ̀, tí ínfọ́ìsì méjì sì wà nílẹ̀, mo mọ èyí tí mo gbọ́dọ̀ kọ kí n tó sùn.

Google Sheets ni mo ń lò. Òpó G ni ọjọ́ ínfọ́ìsì, òpó H ni ọjọ́ tí owó yẹ kí ó dé. Ìlà kejì jẹ́ ti Èkó, ìlà kẹta jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù:

```
=IF(G2="","",G2+30)
=IF(G3="","",EOMONTH(G3,0)+30)
```

`EOMONTH` ló ń wá ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. `IF` tó wà níwájú ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí kò bá sí níbẹ̀, tí òpó G sì ṣófo, ọjọ́ kan ní ọdún 1900 ni yóò yọ sínú òpó H, nítorí òfo ni ṣíìtì kà sí òdo, òdo sì jẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí ọdún 1899. Ẹni tó bá rí 1900 nínú ṣíìtì rẹ̀, kí ó má bá kọ̀ǹpútà jà. Ínfọ́ìsì kan ló ń bẹ tí kò tíì kọ.

Àmì mìíràn tún wà tó fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí èèyàn bá tẹ ọjọ́, ṣíìtì lè gbà á gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, ó sì lè gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, àfi pé ọjọ́ gidi máa ń fara mọ́ apá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ lásán a sì fara mọ́ apá òsì. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lè da ìṣirò rú, bí èèyàn bá sì to àwọn ìlà láti ọjọ́ tó súnmọ́ jù, kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò. Oníbàárà Nìú Yọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n máa ṣọ́ra fún èyí, nítorí oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́ lọ́hùn-ún. 8/7 lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ọjọ́ keje Oṣù Kẹjọ. Lọ́dọ̀ àwọn Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ kẹjọ Oṣù Keje ni. Mi ò da ọjọ́ kọ láti inú ímeèlì wọn mọ́. Mo ń kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn: 2026-08-07. Kò sẹ́ni tó lè ka ìyẹn sí òmíràn.

Wákàtí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹni Nìú Yọ́ọ̀kì bá ní òun fẹ́ iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni níhìn-ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì di aago mọ́kànlá nígbà òtútù, nítorí àwọn a máa yí aago wọn padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwa kì í yí tiwa. Lọ́ńdọ̀nù bá wa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń fi wákàtí kan kẹ́yìn wa nígbà òtútù. Aago Ìbàdàn nìkan ni mo ń kọ sínú ṣíìtì. Ìṣirò tí mo bá ṣe nígbà tí mo gba iṣẹ́, mi ò fẹ́ tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ fi í ránṣẹ́, nígbà tí ojú ti ń kún fún oorun.

Ọjọ́ tí mo dá fún ara mi, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ló fi ṣáájú ti oníbàárà. `=WORKDAY(C3,-2)` ló ń ṣe é: ó fi ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú sílẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Keje, di ti ọjọ́rú, 29. Kò mọ Iléyá, kò sì mọ ìsinmi tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde lánàá, àfi kí èèyàn kọ wọ́n sí ibì kan kí ó sì tọ́ka sí i. Ọjọ́ méjì yẹn ni mo fi ń ka iṣẹ́ sókè. Àmì ohùn tó bá fò, ojú kì í tètè rí i, ẹnu ló ń rí i. Nínú ìwé àwọn aláìsàn, ẹni tó ń kà á lè máà ní ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò bi léèrè. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan, inú ọjọ́ méjì yẹn náà ni ó ti ń jẹ.

Àkọsílẹ̀ owó ló kàn, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ṣíìtì náà. Òpó kan ni, tí mo fẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ṣe àdéhùn ni mo ń kọ ọ́. Mi ò jẹ́ kó di ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ ínfọ́ìsì, nítorí nígbà yẹn kálukú ti gbàgbé ohun tí a sọ, kálukú á sì rántí èyí tó wù ú. Ti iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù yẹn rèé bí mo ṣe kọ ọ́: "Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a kà, kì í ṣe Yorùbá. 6,200, £0.06. Àtúnkà ẹ̀ẹ̀kan wà nínú owó yìí. Nọ́mbà PO gbọ́dọ̀ wà lórí ínfọ́ìsì. Àdírẹ́ẹ̀sì akáǹtáǹtì ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ẹni tó gbé iṣẹ́ wá."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn tóbi ju bí ó ṣe rí lọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bá túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí "insulin" kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá àgbà mọ ohun tó ń ṣe nínú ara yóò lo gbólóhùn kan gbáko. Bí a kò bá sọ èyí tí a óò kà, ọ̀tọ̀ ni iye tí mo ní lọ́kàn, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Èmi fẹ́ kí a ka Gẹ̀ẹ́sì, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré, nítorí a ti mọ iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fura pé mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn torí owó. Nọ́mbà PO náà ni nọ́mbà tí iléeṣẹ́ fi ń dá iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde mọ̀: ínfọ́ìsì tí kò bá ní in, wọ́n lè dá a padà, bí ó bá sì padà lọ́jọ́ kejì oṣù tuntun, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn.

Òfin tí mo fi ń pín ìlà ni pé ohun kan tí mo máa fi lélẹ̀, tí mo sì máa gba owó rẹ̀, ni ìlà kan. Ìwé bàbá jẹ́ ìwé kan, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta ni nínú ṣíìtì, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó rẹ̀ ń wọlé. Bí àwọn Lọ́ńdọ̀nù bá rí àṣìṣe tèmi, ìlà àtijọ́ ni mo padà sí, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí dókítà wọn bá pààrọ̀ ojú ewé kan lẹ́yìn tí mo ti fi iṣẹ́ lélẹ̀, ìlà tuntun ni, pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta péré. Àwọn ìyẹn ló ń kó ara wọn jọ di iṣẹ́ ọjọ́ kan tí kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ owó ti bàbá kò jọ ti àwọn tó kù. "Pè é. Má fi ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dára." Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ínfọ́ìsì tó bá sì kàn já wọ inú fóònù rẹ̀ láìsí ìkíni yóò dà bí ìgbà tí èèyàn kò bọ̀wọ̀ fún un. Mo pè é nígbà tí mo fi orí kẹta lélẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Mo ti ń ka ohun tí o kó wá. O tún ọ̀rọ̀ odò yẹn kọ, ó dáa."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó yẹ kí n ti fún ẹ lówó kan. Èló ló kù gan-an?"

Ṣíìtì wà níwájú mi. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà, sà. Ẹ ti san àádọ́sàn-án nínú igba ó lé àádọ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kọ ọ́ síbí." Mo gbọ́ tí ó ń ṣí ìwé. Ìwé jótà kan ló fi ń kọ tirẹ̀, iye tó wà nínú rẹ̀ sì bá tèmi mu, bí káàdì alájọ ṣe ń bá ti oníbàárà rẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ti Èkó ni kì í parí síbẹ̀. Bí ínfọ́ìsì mi bá jẹ́ ₦400,000, ₦380,000 ni yóò wọ báńkì, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó orí kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì kó o fún àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé. Láti 1 Oṣù Kìíní 2025 tí òfin tuntun lórí èyí ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá ní nọ́mbà TIN, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wo ₦20,000 yẹn bí owó tó ti lọ. Kò tíì lọ. Owó orí tí mo ti san ṣáájú ni, wọn yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí mo jẹ, bí mo bá lè fi ìwé ẹ̀rí hàn pé wọ́n yọ ọ́. Iléeṣẹ́ ló yẹ kí ó fún mi ní ìwé náà. Wọn kì í sábà rántí, ẹni tó bá sì béèrè ní ìparí ọdún yóò gbọ́ pé akáǹtáǹtì tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kúrò.

Nítorí náà iye mẹ́ta ni mo ń kọ sí ìlà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: iye orí ínfọ́ìsì, iye tó wọlé, àti iye tí wọ́n yọ. Èmi kì í fi iye tó wọlé rọ́pò iye ínfọ́ìsì, kódà fún ti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí àwọn báńkì tó wà láàárín ọ̀nà lè bu díẹ̀ nínú £372, èyí tí a bá sì kọ pa pọ̀ kò ṣeé tọpa mọ́. Pọ́n-ùn, dọ́là àti náírà sì ní òpó owó tiwọn. Mi ò pa wọ́n pọ̀ rárá. Iye náírà tí pọ́n-ùn kan jẹ́ lọ́jọ́ tí owó wọlé ni mo ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ tí mo kọ ínfọ́ìsì.

Pẹ̀lú gbogbo òpó wọ̀nyí, ṣíìtì náà ti fẹ̀ ju ohun tí èèyàn lè máa wò láràárọ̀ lọ. Mi ò kúkú wò ó. Ojú ewé kékeré méjì ni mo ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń fi iṣẹ́ tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi hàn, láti ọjọ́ tèmi tó súnmọ́ jù. Èkejì ń fi iṣẹ́ tó ti lọ tí owó rẹ̀ kò tíì dé hàn:

```
=SORT(FILTER(Iwe!A2:I, Iwe!F2:F<>"", Iwe!I2:I=""), 8, TRUE)
```

Iwe ni orúkọ ojú ewé ńlá náà, F ni ọjọ́ tí iṣẹ́ lọ, I ni iye tó wọlé, 8 sì ni òpó ọjọ́ tí owó yẹ kí ó dé. Iṣẹ́ tó lọ tí mi ò tíì kọ ínfọ́ìsì rẹ̀ kò ní ọjọ́ owó, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń kó jọ sí. Ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Èyí tó wà lókè lè jẹ́ ẹjọ́ oníbàárà. Èyí tó wà nísàlẹ̀, èmi ni mo fà á.

Ohun tí ṣíìtì yìí kò lè ṣe ni pé kò mọ bí iṣẹ́ kan ṣe le tó. Ìpolówó rédíò tí kò ju ọ̀rọ̀ àádọ́rin lọ lè jẹ ọjọ́ kan tán, nítorí ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n ni wọ́n fún mi, ohùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ìlù wọn mu. Mo gbìyànjú láti fi iye ọ̀rọ̀ pín ọjọ́, ó tan mí jẹ, mo sì pa á rẹ́. Wákàtí tí mo rò pé yóò gbà ni mo ń kọ báyìí, bí mo bá sì rí i pé ọ̀sẹ̀ kan ti ní ju ọgbọ̀n wákàtí ìtumọ̀ lọ, mi ò gba iṣẹ́ mìíràn sínú rẹ̀, àfi kí oníbàárà sún ọjọ́ síwájú.

Ìlà tí owó rẹ̀ ti wọlé ń lọ sí ojú ewé ọdún náà, ó sì ń kúrò níwájú mi. Ti Èkó ń dúró ní tirẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, títí ìwé ẹ̀rí owó orí á fi dé. 31 Oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke tí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kó ìròyìn owó rẹ̀ fún àwọn agbowó-orí, nítorí náà Oṣù Kìíní ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akáǹtáǹtì. Ó ku ìlà méjì tó ní àwọ̀ ìyeyè báyìí. Ọ̀kan ti ṣèlérí ọjọ́bọ̀. Èkejì kò tíì gbé fóònù.